Wàrà Kíkan: Èyí Tó Ṣeé Mu àti Èyí Tó Ti Bàjẹ́

Kíkan nìkan kò tó láti fi dá wàrà lẹ́bi, kò sì tó láti fi dá a láre. Wàrà kan lè kan débi pé yóò máa ta ènìyàn léyín, kó sì jẹ́ oúnjẹ tó dára. Òmíràn lè má tíì kan rárá, kó sì ti di ohun tó yẹ kí wọ́n dà nù. Ohun mẹ́ta ló ya méjèèjì sọ́tọ̀: ohun tó mú wàrà náà kan, ipò tó wà kó tó kan, àti bó ti pẹ́ tó lẹ́yìn tó kan tán.

Ní Odógunyàn, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Ìkòròdú kóra jọ sí, oríṣi wàrà méjì tí ìtàn wọn kò jọra ló ń pàdé lórí tábìlì kan náà. Àkọ́kọ́ ni mílíìkì ilé-iṣẹ́. Ní Ìkòròdú gan-an ni ilé-iṣẹ́ Nutricima, tó jẹ́ ti PZ Cussons, ti ń ṣe mílíìkì Nunu, Olympic àti Coast, kí FrieslandCampina WAMCO tó gbà á lọ́wọ́ wọn ní 2020. Èkejì ni nọ́nọ̀, wàrà kíkan àwọn Fúlàní, tí wọ́n ń bù láti inú igbá tàbí tí wọ́n ti rọ sínú ike omi, tí wọ́n sì máa ń po fúrà mọ́. Bí méjèèjì bá kan ní ọ̀sán, ìdájọ́ tó tọ́ sí ọ̀kan kò tọ́ sí èkejì. Ẹni tó bá ń fi òfin kan ṣoṣo wo méjèèjì yóò máa da èyí tó dára nù, yóò sì máa mu èyí tí kò dára.

Inú nọ́nọ̀ ló yẹ kí àlàyé ti bẹ̀rẹ̀. Nínú wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lára màlúù, ṣúgà kan wà tó jẹ́ ti wàrà. Àwọn bakitéríà kan wà lára igbá, lára ọmú màlúù àti nínú wàrà àná tó ṣẹ́kù, tó jẹ́ pé ṣúgà yìí ni oúnjẹ wọn. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ di ásíìdì. Àwọn ìbátan wọn ló ń mú kí ògì kan nínú ìkòkò, ìdí nìyẹn tí òórùn nọ́nọ̀ tó dára fi máa ń jọ ti omidùn tí kò tíì pẹ́: ó kan, ó mọ́, kò sì bu ènìyàn nímú.

Ìwọ̀n pH ni wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ti kan tó, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá sì ṣe kéré tó ni nǹkan náà ṣe kan tó. Wàrà tútù máa ń wà ní nǹkan bíi 6.7. Bó bá fi máa sọ̀ kalẹ̀ dé 4.6, purotéènì inú rẹ̀ kò lè dúró nínú omi mọ́, yóò bá dì. Nọ́nọ̀ tó ti kan dáadáa kì í sábà ju 4.5 lọ, ó sì lè sọ̀ kalẹ̀ ju 4 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò tó ń mú oúnjẹ jẹrà kò lè pọ̀ sí i níbẹ̀. Èyí tó burú jù nínú wọn, tí oró rẹ̀ ń mú iṣan ara kú, kò lè hù rárá níbi tí pH bá ti wà ní 4.6 tàbí tó kéré sí i. Kíkan ló ń dáàbò bo irú wàrà yìí. Ṣùgbọ́n ààbò yìí kì í dé lójijì. Ó ń gba wákàtí púpọ̀, ohunkóhun tó bá sì ti wà nínú wàrà kí ásíìdì tó lágbára ní àyè láti máa bí sí i ní gbogbo àkókò yẹn.

Ọ̀ràn mílíìkì ilé-iṣẹ́ yàtọ̀. Iná tí wọ́n fi sè é ti pa àwọn bakitéríà rere pọ̀ mọ́ àwọn búburú. Nínú àgolo mílíìkì tí wọn kò tíì lu, kò sí ohun alààyè kankan tó lè mú un kan. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lù ú, ohunkóhun tó bá bọ́ sínú rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́, láti ara ṣíbí, ọwọ́ tàbí eèrà, yóò bá oúnjẹ púpọ̀ níbẹ̀ láìsí ẹni tó ń bá a du ú. Kò sí ẹni tó lè sọ irú kòkòrò tó kọ́kọ́ wọlé. Ó lè jẹ́ irú èyí tó wà nínú nọ́nọ̀, ó sì lè jẹ́ irú èyí tó ń wà nínú ìgbẹ́ tàbí lára eéwo. Nítorí náà, mílíìkì tí ẹnikẹ́ni kò pinnu láti mú kan, tó sì kan, ti bàjẹ́, ì báà tilẹ̀ jẹ́ pé kíkan náà kò ju bíńtín lọ. Àwọn kan máa ń fi irú rẹ̀ po ìyẹ̀fun fún páńkéèkì torí pé iná yóò pa kòkòrò inú rẹ̀. Òótọ́ ni pé iná ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n oró tí kòkòrò ti tú sílẹ̀ kí ó tó kú kì í fìgbà gbogbo kú pẹ̀lú rẹ̀. Owó mílíìkì náà kò tó ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ fi ikùn wewu.

Mílíìkì tí wọ́n sè nílé, tí wọ́n sì gbàgbé síta, tún ní àmì tirẹ̀. Àwọn bakitéríà kan wà tí wọ́n ti máa ń bo ara wọn mọ́ inú èèpo líle kí iná tó dé. Omi híhó kò pa wọ́n. Nígbà tí mílíìkì bá tutù, wọ́n á jáde, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ purotéènì inú rẹ̀. Èyí ló ń mú kí mílíìkì bẹ́ẹ̀ korò, tó sì ń mú un dì nígbà tí kò tíì kan. Wàrà tó dì láìkan jẹ́ àmì ìbàjẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, nítorí kíkan ni ahọ́n wọn ń wá. Wàrà tí wọ́n fi oje bòmùbòmù sè lórí iná, tó dì di èyí tí wọ́n ń gé tà, kò sí lára ọ̀rọ̀ yìí, torí pé ọwọ́ ènìyàn ló mú ìyẹn dì. Ti ìyẹn, òdìkejì ni: bí òun bá ń kan, tí ara rẹ̀ sì ń yọ̀, ó ti kọjá lọ.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá mílíìkì tí kò yẹ kó kan ti ń kan kí ahọ́n tó mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n bu ṣíbí kan rẹ̀ sínú ife, kí wọ́n sì da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e. Bí ásíìdì bá ti wà nínú rẹ̀, ooru yóò mú purotéènì dì lójú ẹsẹ̀, yóò máa léfòó ní wẹ́wẹ́ nínú omi. Mílíìkì tó dára yóò kàn tú sínú omi náà, yóò sì sọ ọ́ di funfun. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí mílíìkì bá dì nínú tíì, àfi bí ènìyàn bá ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú tíì náà tẹ́lẹ̀. A kò lè fi ọ̀nà yìí dán nọ́nọ̀ wò, torí pé nọ́nọ̀ rere náà yóò dì.

Ìbéèrè ló ṣáájú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yẹ nọ́nọ̀ wò, kí ojú àti imú tó tẹ̀lé e. Kí wọ́n bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n se wàrà náà kí wọ́n tó mú un kan, ìgbà tí wọ́n fún un, àti bóyá wọ́n da omi tàbí yìnyín sí i. Ìdáhùn wọ̀nyí wúlò ju gbogbo àmì tó kù lọ. Ó tún dára láti mọ̀ pé àwọn kan máa ń po èso igi oṣè mọ́ nọ́nọ̀ kó lè ki, oṣè fúnra rẹ̀ sì kan. Nítorí náà, wàrà lè kan lẹ́nu láìjẹ́ pé bakitéríà rere ti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú. Nọ́nọ̀ tó dára máa ń dì tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ á sì jọ̀lọ̀. Bó bá dúró pẹ́ díẹ̀, omi tó mọ́ gaara, tó pọ́n díẹ̀ bí ẹni pé ewé kékeré kan wà nínú rẹ̀, yóò yọ sí òkè. Omi yìí máa ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn láìnídìí. Kí wọ́n kàn rò ó pọ̀ ni. Èyí tó yẹ kó dẹ́rù bani ni àwọ̀ tí kò yẹ kó sí níbẹ̀: pupa fẹ́ẹ́rẹ́, búlúù, dúdú, tàbí ohun tó bu bí irun lójú rẹ̀. Kò bójú mu láti há ibi tó bu kúrò kí wọ́n sì mu ìyókù, torí pé nínú ohun tó rọ̀ bíi wàrà, gbòǹgbò ohun tó hù náà ti kọjá ibi tí ojú rí. Kí wọ́n tún fi ṣíbí gbé díẹ̀ sókè. Bó bá ń fà tẹ̀lé ṣíbí bí okùn tínrín, bakitéríà tó ń mú wàrà yọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Ó lè má pa ẹni tó mu ún, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni pé ohun àjèjì ti gba ilé náà.

Gáàsì ló nílò ìfarabalẹ̀ jù, nítorí pé àkókò tó dé ló ń sọ ohun tó jẹ́. Àwọn bakitéríà tó ń gbé inú ìfun ènìyàn àti ẹran, tí ọwọ́ àti omi ìdọ̀tí ń gbé wọ inú wàrà, máa ń ṣe gáàsì ní àwọn wákàtí àkọ́kọ́, kí ásíìdì tó lágbára láti dá wọn dúró. Wàrà tí wọ́n bá dé inú rẹ̀ máa ń dì pẹ̀lú ihò wẹ́wẹ́, èyí tó dì á máa ya, á sì máa léfòó lórí omi rẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì jọ ti ibùjẹ ẹran. Nọ́nọ̀ tí kò tíì kan púpọ̀ tó ti ń hó kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tọ́ wò. Gáàsì kejì ni ti ìwúkàrà, irú èyí tó ń mú kí ẹmu hó. Òun kò bẹ̀rù ásíìdì. Ẹ̀yìn tí wàrà bá ti kan tán ló máa ń gbilẹ̀. Yóò máa ta ahọ́n, yóò sì ní òórùn ẹmu díẹ̀. Ìyẹn ń sọ pé nọ́nọ̀ náà ti ń gbó. Kò tíì di májèlé, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí adùn rẹ̀ yóò fi tán.

Imú ló máa ń ṣe ìdájọ́ tó pọ̀ jù lẹ́yìn ojú. Òórùn kíkan tó mọ́ kò ní wàhálà. Òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́, òórùn ẹran tó ń rà, òórùn ọṣẹ tàbí ti òróró tó ti pẹ́ jù, gbogbo wọn ń sọ pé purotéènì tàbí ọ̀rá inú wàrà ni kòkòrò ń jẹ. Irú rẹ̀ kò yẹ ní mímu, kò sì yẹ ní sísè. Ìgbà tí gbogbo àyẹ̀wò yìí bá ti yọrí sí rere ni ahọ́n tó kàn, kó sì jẹ́ ẹ̀kán kan péré. Bó bá korò dípò kó kan, kí wọ́n tu ú dànù.

Bí gbogbo èyí ti ń so pọ̀ hàn nínú àpẹẹrẹ yìí. Òṣìṣẹ́ kan ra ike nọ́nọ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ ní Odógunyàn ní aago méje àárọ̀. Ẹni tó tà á sọ pé àárọ̀ àná ni wọ́n fún wàrà náà, pé wọ́n sè é, wọ́n sì fi díẹ̀ nínú ti tẹ́lẹ̀ mú un kan mọ́jú. Òṣìṣẹ́ náà gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ooru ti tó 32°C. Ní aago kan ọ̀sán, ike náà ti le nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, nígbà tí wọ́n sì ṣí i, gáàsì díẹ̀ jáde. Lórí tábìlì níbẹ̀ ni àgolo mílíìkì kan wà tí wọ́n lù ní alẹ́ àná, tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù bo ojú rẹ̀. Ó ń kan díẹ̀ nímú, kò tó ìdajì kíkan nọ́nọ̀ náà.

Ojú lásán yóò ní kí wọ́n da nọ́nọ̀ nù, kí wọ́n sì fi àgolo náà po tíì. Àyẹ̀wò sọ ohun mìíràn. Nọ́nọ̀ náà jọ̀lọ̀, òórùn rẹ̀ mọ́, àfi òórùn ẹmu díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Bébà pH, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà kẹ́míkà Ọjọ́ta, fi 4 hàn nínú rẹ̀. Ó ti kan dáadáa kí gáàsì tó dé, nítorí náà ìwúkàrà ló ń hó. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè mu ún ní ọ̀sán yẹn, ṣùgbọ́n kò ní dára mọ́ títí alẹ́ bí kò bá wọ fìríìjì. Ká ní bébà náà fi 5.5 hàn ni, pẹ̀lú gáàsì kan náà, dídànù ni ì bá tọ́ sí i. Ní ti mílíìkì àgolo, ṣíbí kan rẹ̀ nínú omi gbígbóná dì ní wẹ́wẹ́, bébà sì fi 5.8 hàn. Kíkan rẹ̀ kéré gan-an, ibẹ̀ sì ni ewu rẹ̀ wà: ásíìdì inú rẹ̀ kò tó láti dá kòkòrò kankan dúró, wákàtí bíi méjìlá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sì ti lò nínú ooru Èkó. Òun ni ó yẹ kó lọ sínú gọ́tà.

Fún mílíìkì tí wọ́n ti ṣí, wákàtí méjì ni wọ́n ń fún un níta, wọn a sì dín in kù sí wákàtí kan bí ooru bá ju 32°C lọ. Bí iná bá wà, kí wọ́n dà á kúrò nínú àgolo sínú ohun tó ní ìdérí, kó wọ fìríìjì tó tutù dé 4°C, kí wọ́n sì lò ó tán láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Àgolo tó wú tàbí tó ń jò, tí wọn kò tilẹ̀ tíì lu, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ṣí wò.

Àwọn ohun kan sì wà tí ojú, imú, ahọ́n àti bébà kò lè rí. Bakitéríà sitafilokọ́kọ́ọ̀sì, tó máa ń wà nínú imú ènìyàn, lára eéwo àti lára ọmú màlúù tó ń wú, lè tú oró sínú wàrà kí ásíìdì tó dé. Oró yìí kò ní òórùn, omi híhó kò sì pa á. Ẹni tó bá mu ún lè bẹ̀rẹ̀ sí bì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí mẹ́jọ. Kòkòrò tó ń fa ibà Burusẹ́là àti irú ikọ́ àwúgbẹ tó ń wá láti ara màlúù náà lè yè nínú wàrà kíkan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ti Burusẹ́là tilẹ̀ burú ní ti pé ibà rẹ̀ àti oríkèé ríro rẹ̀ lè má bẹ̀rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí nọ́nọ̀ tó mu mọ́. Omi tí wọ́n da sí nọ́nọ̀ lẹ́yìn tó kan lè gbé taifọ́ọ̀dù tàbí kọ́lẹ́rà wá. Nítorí èyí, nọ́nọ̀ tí wọn kò se kí ó tó kan kò yẹ fún aláboyún, ọmọdé, arúgbó àti ẹni tí àìsàn ti mú ara rẹ̀ rọ, bó ti wù kí òórùn rẹ̀ mọ́ tó. Bí wọ́n bá sì ní kí àwọn se é lẹ́yìn tó kan, yóò dì ní wẹ́wẹ́, oró sitafilokọ́kọ́ọ̀sì yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ìgbà tí iná ń ṣe àǹfààní ni kí wàrà tó kan. Kí wọ́n gbé lítà kan kaná, kí wọ́n máa rò ó títí yóò fi hó, kó sì hó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí wọ́n bò ó, kó tutù títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní nǹkan bíi 43°C, débi tí ìka tó mọ́ lè wà nínú rẹ̀ láìjó. Kí wọ́n wá po ṣíbí ńlá méjì nínú nọ́nọ̀ tó dára, èyí tí wọ́n mọ̀ pé láti inú wàrà sísè ló ti wá, tàbí yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà, mọ́ ọn. Bó bá ti wà níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò dì láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Èyí tí kò bá dì lẹ́yìn wákàtí méjìlá, ohun tí wọ́n fi mú un kan ti kú tàbí wọ́n ti dà á sínú wàrà tó gbóná jù, kò sì yẹ kí wọ́n máa dúró dè é pé yóò kan fúnra rẹ̀. Èyí tó bá dì dáadáa lè lo bí ọ̀sẹ̀ kan nínú fìríìjì. Níbi tí kò bá sí iná, kí wọ́n mu ún tán ní ọjọ́ kan náà, èyí tó bá sì kan kọjá ohun tí ẹnu fẹ́, tí òórùn rẹ̀ ṣì mọ́, ṣeé fi rẹ ẹran tàbí kí wọ́n fi po ìyẹ̀fun páńkéèkì.